Àkójọ oúnjẹ elédè méjì: ìwé kan ni àbí méjì?

Tí èdè méjèèjì bá wà lójú ìwé kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa kọ iye owó, àlejò sì lè fìka tọ́ka sí oúnjẹ tó fẹ́. Àyè á há fún àpèjúwe ṣá.

Ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láyè, àmọ́ ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Ká ní ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró ẹ̀pà dín nǹkan, tí wọ́n tún ìwé kan ṣe, tí wọ́n gbàgbé èkejì: ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà lè jẹ ẹ́. Ẹ fún oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan náà nínú méjèèjì, kí ìyàtọ̀ lè tètè hàn.

Bí iye owó bá ń yí lemọ́lemọ́, ìwé kan ló rọrùn. Bí oúnjẹ bá nílò àlàyé gígùn, tẹ́nì kan sì ń bójú tó ìwé méjèèjì, ẹ yà wọ́n.