Fọ́ǹdù A àti Fọ́ǹdù B: bí a ṣe ń ka ìwé ìsọfúnni wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni

Nínú ìwé ìsọfúnni mútúà fọ́ǹdù, ìyẹn owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn dá jọ kí alábòójútó kan lè fi bá wọn ra ìpín ilé iṣẹ́, èrè àtẹ̀yìnwá ni ojú ẹni tó fẹ́ rà máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ẹ jẹ́ ká gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe àwọn nọ́ńbà yìí o, fún àpẹẹrẹ. Fọ́ǹdù méjèèjì ló ní àwọn ń ra ìpín ilé iṣẹ́ ńláńlá káàkiri àgbáyé.

| | A | B |
|---|---|---|
| Èrè ọdún 5 lápapọ̀ | 38% | 69% |
| Èrè ọdún kọ̀ọ̀kan, láti ọdún tó jìnnà jù | 8, 9, −4, 12, 9 | 60, 4, −6, 5, 3 |
| Owó iṣẹ́ tí fọ́ǹdù ń yọ lọ́dọọdún | 0.2% | 1.8% |
| Owó ìwọlé tí wọ́n ń yọ nígbà tí a bá rà á | kò sí | 3% |
| Ohun tí ilé iṣẹ́ 10 tó tóbi jù kó nínú owó fọ́ǹdù | 24% | 62% |

Ẹni tó bá ń kánjú á ní B ni òun ń rà. Kó dúró ná, kó wo ìlà kejì. Ọdún kan ṣoṣo ló gbé B dé 69%. Tí a bá yọ ọdún yẹn kúrò, nǹkan bíi 6% péré ni ọdún mẹ́rin tó kù mú wá lápapọ̀, nígbà tí ti A jẹ́ nǹkan bíi 28%. Nígbà tí wọ́n bá tẹ ìwé ti ọdún tó ń bọ̀, ọdún 60% yẹn á ti bọ́ sẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ń kà. B á wá dà bí fọ́ǹdù tó rọ lójijì, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun kò yí padà nínú rẹ̀.

Àwọn ìwé kan kì í fi èrè ọdún kọ̀ọ̀kan hàn. Nígbà náà, ẹ fi èrè ọdún 5 wé ti ọdún 3. Ti B fún ọdún 3 kò tó 2%. Tí ti ọdún 5 bá ga fíofío tí ti ọdún 3 sì rí báyìí, èrè àtijọ́ ni wọ́n fi ń polówó. Ẹ tún wo ọjọ́ tí alábòójútó fọ́ǹdù gba iṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọdún tó kọjá ló dé, èrè 60% yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Kí ló fa 60% náà? Àkójọ ohun tí fọ́ǹdù rà ló máa sọ. Ká ní nínú ilé iṣẹ́ mẹ́wàá tó kó 62% owó B, méje jẹ́ ti ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ni pé “káàkiri àgbáyé” tí B ń sọ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni: òwò kan ṣoṣo ló gbé e sókè lọ́dún yẹn, òwò yẹn náà ló lè fà á wálẹ̀. Àkójọ yìí sì ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí ìwé. Alábòójútó lè ti tà lára wọn láti ìgbà náà.

Owó iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò jù, nítorí èrè lè máà wá, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ á wá dandan. Ká fi owó 10,000 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ogún ọdún, ká sì gbà pé ohun tí méjèèjì rà ń mú 7% wá lọ́dún kí wọ́n tó yọ owó iṣẹ́. Ti A á di nǹkan bíi 37,300. Ní B, owó ìwọlé ti kọ́kọ́ sọ 10,000 di 9,700, lẹ́yìn náà 1.8% ń lọ lọ́dọọdún, ó sì parí sí nǹkan bíi 26,700. Ìyàtọ̀ àárín wọn ju odindi owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ.

Ẹ má yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ṣá o. Wọ́n sábà máa ń ti yọ owó iṣẹ́ ọdọọdún kúrò nínú èrè tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Owó ìwọlé ni wọn kì í sábà yọ, nítorí náà ẹni tó ra B ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún márùn-ún yẹn kò rí 69% gbà. Nǹkan bíi 64% ló kàn án. Ìnáwó rírà àti títà ìpín nínú fọ́ǹdù sì sábà máa ń wà lọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́. Bí alábòójútó bá ṣe ń rà tó ń tà tó ló ṣe máa ń wọ́n tó.

Fún owó ogún ọdún, A ni èmi máa mú. Ẹni tó bá dìídì fẹ́ òwò kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀, àmọ́ kó wá fọ́ǹdù tó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó sì fi owó iṣẹ́ rẹ̀ wé ti àwọn tó ń ra irú nǹkan kan náà.