Ẹ ṣọ́ra fún fóònù àlòkù tí wọ́n ní ó “mọ́”: tèmi mọ́ lọ́jọ́ tí mo rà á, ó kú lọ́jọ́ kọkànlá

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra fóònù àlòkù, ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná.

Ojú ń tì mí láti kọ èyí, torí èmi gan-an ni wọ́n máa ń pè nínú ẹbí wa bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra fóònù. Èmi ni mo máa ń sọ pé, “Ẹ wo IMEI ẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sówó.” Lọ́dún tó kọjá, mo bú àbúrò mi títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀ nítorí fóònù jíjí tó rà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní báyìí èmi náà ti rà. Èmi sì yẹ tèmi wò o! Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Ọmọkùnrin tó ta fóònù náà fún mi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n ṣáá. Ó ní òun ti ra tuntun, òun ò sì nílò méjì. Mo béèrè páálí ẹ̀, ó ní ó sọnù nígbà tí àwọn ń kó kúrò ní ilé àtijọ́. Mo béèrè rìsíìtì, ó ní inú páálí yẹn ló wà. Ó yẹ kí n ti dìde níbẹ̀ yẹn. N ò dìde. Mo ní ọkàn mi balẹ̀, torí mo mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Mo gba fóònù náà, mo fọwọ́ ara mi tẹ `*#06#`. Nọ́ńbà méjì jáde, torí pé síìmù méjì ni fóònù náà ń gbà, ihò síìmù kọ̀ọ̀kan ló sì ní IMEI tirẹ̀. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ 15. Mo fi méjèèjì sí ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹyọ 8 àkọ́kọ́ ló ń sọ irú fóònù tó jẹ́, irú tí ìkànnì náà dárúkọ sì bá èyí tó wà lọ́wọ́ mi mu rẹ́gí. Ó ní kò sí ẹni tó fi í sùn pé wọ́n jí i. Ọmọkùnrin yìí tún pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́ lójú mi, fóònù náà ṣí padà láìbéèrè àkáǹtì olówó ẹ̀ àtijọ́. Ó wá ń yìn mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ nǹkan tí ẹ ń ṣe o.” Inú mi dùn! Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọ̀gá. Mo sanwó, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi lò ó láìsí wàhálà. Lọ́jọ́ kọkànlá, mo jí, mo rí “No Service” lójú ẹ̀.

N ò kọ́kọ́ ronú olè rárá. Mo pa á, mo tún tàn án. Mo yọ síìmù, mo fi aṣọ nù ún, mo dá a padà. Mo wá nẹ́tíwọ̀kì títí, kò wọlé. Ohun tó sì tàn mí jẹ ni pé fóònù náà ò kú tán. Wáífáì ilé ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, Wasáàpù ń wọlé, ó ń ya fọ́tò, ó ń gbé orin. Síìmù kejì tó wà nínú ẹ̀ pàápàá, ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ṣì ń pe èèyàn. Ta ni yóò rí èyí tí kò ní sọ pé síìmù ló bàjẹ́? Àní mo lọ gba síìmù tuntun! Mo fi í sínú fóònù náà, “No Service.” Mo fi síìmù kan náà sínú fóònù mi àtijọ́, ó dún lójú ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni àyà mi já.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì náà. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn tẹ `*#06#`, ó wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó wá wò mí bíi pé èmi ni mo jí i. Ó ní wọ́n ti búlọ́ọ̀kì ẹ̀. Mo fi àwòrán àyẹ̀wò tí mo ṣe hàn án, ohùn mi ti ń lọ sókè. Kò bá mi jà. Ó ní, “Ẹ̀yin ò parọ́, sà. Lọ́jọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nínú ìwé. Àná ló wọ ìwé.”

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn tí mo jìn sí wà. Bí fóònù bá fẹ́ wọ nẹ́tíwọ̀kì, nẹ́tíwọ̀kì lè béèrè IMEI ẹ̀, kó sì fi wé ìwé àwọn tí wọ́n ti dí. Bí ó bá wà níbẹ̀, wọ́n á lé e padà. Gbogbo iṣẹ́ tí búlọ́ọ̀kì ń ṣe kò ju ìyẹn lọ. Kò pa fóònù, ẹnu ọ̀nà ló tì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù jíjí kì í sábà wọ inú ìwé yẹn àfi bí olówó fóònù bá lọ sọ. Olówó fóònù ńkọ́? Ó lè má mọ IMEI ẹ̀. Ó lè máa wá páálí káàkiri ilé. Ó lè máa retí pé fóònù ṣì ń bọ̀, kó má fẹ́ kí wọ́n dí i. Gbogbo ọjọ́ tó fi ń ronú yẹn, fóònù náà mọ́ tónítóní lórí gbogbo ìkànnì, àsìkò yẹn gan-an sì ni olè ń tà á. “Mọ́” kò túmọ̀ sí pé wọn ò jí i. Ó túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tó tíì fi sùn.

Mo tiẹ̀ bínú sí ẹni tí wọ́n jí fóònù ẹ̀. Mo ń sọ lọ́kàn pé kí ló ń ṣe láti ọjọ́ yìí? Kí ni kò jẹ́ kó tètè lọ sọ? Ẹ wo ìyà bó ṣe lè sọ èèyàn dà.

Síìmù kejì ńkọ́? Mo béèrè ìyẹn náà. Ọmọbìnrin ọ́fíìsì yẹn ní nọ́ńbà ihò kìíní nìkan ni olówó fóònù fún àwọn. Nọ́ńbà kejì kò sí nínú ìwé, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣì máa wọlé. Mo tún fi ìyẹn tan ara mi jẹ. Mo ní ó kéré tán, mo lè máa lo ihò kejì. Ọjọ́ mẹ́rin péré, òun náà dákẹ́. Ẹnì kan ti wá nọ́ńbà kejì rí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí i fún mi, wọ́n ní kì í ṣe ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni àwọn ń ṣí i fún, ẹni tó ní kí àwọn dí i ni.

Mo pe ọmọkùnrin yẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? “Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ yẹ̀ ẹ́ wò?” Àyẹ̀wò mi ló sọ di ẹlẹ́rìí tirẹ̀! Ó ti mọ̀ pé màá yẹ̀ ẹ́ wò, ìdí nìyẹn tó fi dúró pẹ̀lú sùúrù, tó ń yìn mí. Nígbà tí mo tún pè é, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Gbájúẹ̀! Ọmọ tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n!

Kí n má parọ́ fún yín, mo tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dáràn sí i. Atúnfóònùṣe kan ní òun lè fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò èyí tó wà nínú ẹ̀. Lára àwọn fóònù kan, ó ṣeé ṣe lóòótọ́, torí inú ẹ̀rọ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ohun tí wọ́n kọ sì ṣeé túnkọ. Òru kan gbáko ni mo fi rò ó. Mo wá béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé níbo ni nọ́ńbà tuntun náà ti ń bọ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ti fóònù ẹlòmíràn ni. Ìyẹn ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá dí nọ́ńbà yẹn, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, tó ra tirẹ̀ tuntun nínú páálí, lè jí kó rí ohun tí mo rí. Ẹ̀wọ̀n tún wà nínú ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin lòdì sí i láti ọdún 2002. Ẹlòmíràn ní kí n tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sí òkè òkun. Ìwé kan wà tí GSMA, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì àgbáyé, ń tọ́jú kí àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè lè máa pín nọ́ńbà tí wọ́n dí láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló ń lò ó. Fóònù tó kú síbí lè jí sọ́hùn-ún. Olè mọ èyí dáadáa. Èmi tí mo fi owó mi rà á nìkan ni ẹnu ọ̀nà tì mọ́.

Kíá, ohun tí ẹ lè ṣe: ẹ fọwọ́ ara yín tẹ `*#06#`, ẹ má gba nọ́ńbà tí wọ́n kọ síwèé. Ẹ yẹ méjèèjì wò. Rìsíìtì tí IMEI náà wà lára ẹ̀ ni kí ẹ béèrè, kó sì bá èyí tó jáde lójú fóònù mu. Bí kò bá sí, ẹ dìde. Ẹ dìde, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ní fóònù, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì síbì kan lónìí, kí ẹ lè fi méjèèjì sùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí i. Ìyẹn náà ni.

Ẹnì kan yóò ní kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń ta àlòkù ló burú. Ẹ má sọ ìyẹn fún mi lọ́sẹ̀ yìí. Ẹlòmíràn yóò ní owó pọ́ọ́kú ni mo ń wá. Irọ́ ni! Iye tí wọ́n ń tà á níbi gbogbo ni mo rà á. Ó dáa, ó dín díẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó sọ kò ju pé, “Ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.” Èmi ni mo sọ ọ́ fún un lọ́dún tó kọjá.

Mo gbé fóònù náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lánàá. Wọ́n ní kí n kọ ibi tí mo ti rà á àti orúkọ ẹni tó tà á fún mi. Mo kọ ibi tí mo ti rà á. Nígbà tó kan orúkọ, mo rí i pé n kò béèrè.