Ẹ̀rọ tó ń gé fídíò fúnra rẹ̀ àti àmì tá a fi ọwọ́ sí: èwo ni kẹ́ ẹ náwó lé fún fídíò ìdána?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fídíò òde, pàápàá ètò ìdána, ni mo kọ èyí fún. Ẹ mọ bí oníbàárà ti ń ṣe nísinsìnyí: kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti ń béèrè ègé kéékèèké tí wọ́n máa gbé sórí Wọ́tsáàpù. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè máa sanwó oṣooṣù fún ẹ̀rọ tó máa wo fídíò náà, tó máa pín in sí ìran-ìran, tó sì máa yọ ibi tó rò pé ó dùn jù jáde. Ẹ sì lè jókòó ti fídíò yín, kẹ́ ẹ máa tẹ `M` láti sàmì síbi tó bá dára, tàbí kẹ́ ẹ fún ọmọ iṣẹ́ kan lówó kó bá yín ṣe é. Mo ti fi méjèèjì ṣiṣẹ́ olówó. Ibi tí ègé ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tà fún yín

Ẹ̀rọ méjì tí iṣẹ́ wọn ò jọra ni wọ́n máa ń pò pọ̀ níbi ìpolówó. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń wá ibi tí ìran ti yí padà. PySceneDetect ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wà nínú DaVinci Resolve lórúkọ `Scene Cut Detection`, ó sì wà nínú Premiere Pro lórúkọ `Scene Edit Detection`. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó ń fi àwòrán kan wé èyí tó tẹ̀ lé e. Bí àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ bá yàtọ̀ kọjá ààlà kan, á ní ìran ti yí padà nìyẹn. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwòrán náà rárá.

Nítorí náà, fídíò tí ẹnì kan ti gé tó sì ti tò tẹ́lẹ̀ ló wúlò fún. Ká ní ẹnì kan gbé díìsìkì ìgbéyàwó àtijọ́ wá, tó ní kẹ́ ẹ fa ibi kan yọ níbẹ̀, àṣẹ PySceneDetect yìí máa to gbogbo ibi tí wọ́n ti gé e sínú táblì kan fún yín:

```
scenedetect -i igbeyawo.mp4 -m 2s detect-adaptive list-scenes
```

`-m 2s` yẹn ń sọ fún un pé kó má ka ohun tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá 2 sí ìran. Fún irú iṣẹ́ yìí, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó máa fi ojú wá a.

Àmọ́ fáìlì tó ti inú kámẹ́rà yín jáde ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tíì gé e. Bí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá jó wọlé fún ìṣẹ́jú 20, tẹ́ ẹ ò sì dá kámẹ́rà dúró, ìran kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ máa rí níbẹ̀. Bó bá sì rí ju bẹ́ẹ̀ lọ, fíláàṣì àwọn tó ń ya fọ́tò ló ń rí. Ìmọ́lẹ̀ tàn wàì, ó kú, ẹ̀rọ sì ti kà á sí pé nǹkan yí padà. Gèlè tó bá kọjá níwájú lẹ́ńsì náà lè fa irú rẹ̀. Mo ti rí i pé ibi tí ọkọ ìyàwó ti dọ̀bálẹ̀ gan-an ni irú àṣìṣe yìí máa ń pọ̀ sí jù, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ayafọ́tò ti ń tẹ kámẹ́rà wọn. Bẹ́ ẹ bá rí i nínú táblì pé ìran kéékèèké gbá jọ sójú kan, ẹ lọ wo ibẹ̀ dáadáa. Àwọn ayafọ́tò ló fi ojú ara wọn yan ibẹ̀, ẹ̀rọ kọ́.

Ẹ̀rọ tó ń yan “ibi tó dùn”

Irú kejì nìyí, òun ni wọ́n ń gba owó gidi lé lórí. Ẹ máa fi fídíò ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á kọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́ sílẹ̀, á díwọ̀n gbólóhùn wo ló lè dá èèyàn dúró, á sì gé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin gbólóhùn náà. Ẹ fi ọkàn sí i pé ọ̀rọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí pásítọ̀ bá ń wàásù lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí máíkì rẹ̀ sì mọ́, á ṣe dáadáa. Òde ìdána kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ta ló ní máíkì lọ́wọ́ níbi ìdána? Alága ìjókòó àti alága ìdúró ni. Wọ́n á pa èèyàn lẹ́rìn-ín, wọ́n á bèèrè owó, wọ́n á da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá, onílù á sì máa fi gángan gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo sanwó oṣù kan fún ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí (mi ò ní dárúkọ rẹ̀), mo sì fi fídíò ìdána kan odindi fún un. Ọ̀rọ̀ alága ló pọ̀ jù nínú ohun tó dá padà, ibi tí wọ́n ti sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ló sì fi síwájú. Ibi tí bàbá ìyàwó ti gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí kò sí níbẹ̀ rárá. Bàbá ò mú máíkì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyàwó ń sunkún, àwọn èèyàn dákẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí ẹ̀rọ lè kọ sílẹ̀.

Ègé kan tó ní àdúrà ìyá ọkọ nínú ló tún bí mi nínú jù. Ẹ̀rọ ò gbọ́ Yorùbá tó bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ kò ní orí, kò ní ìdí, nítorí náà kò mọ ibi tí gbólóhùn parí sí. Ó gé àdúrà náà kí wọ́n tó ṣe “Àmín”. Ìyá ṣì la ẹnu sílẹ̀, fídíò ti tán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sí oríkì: ó bẹ̀rẹ̀ ní àárín ìlà, lẹ́yìn tí wọ́n ti pe orúkọ ìdílé kọjá. Àwọn ẹbí náà kọ̀ wọ́n, wọn ò sì san owó tó kù títí mo fi fi ọwọ́ gé òmíràn fún wọn.

Ìdí tí èyí fi ṣòro fún ẹ̀rọ ni pé ohun tó dùn lóde wa kì í sábà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Onílù á kọ́kọ́ fi ìlù ki bàbá kan, bàbá á tẹ́tí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ti ọwọ́ bọ àpò, ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn á wá hó. Ègé tó bá bẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti hó ti sọ ìlù náà nù. Ẹni tó gbọ́ ohun tí gángan sọ ló mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Dátà, owó àti ìrísí fídíò

Fídíò mẹ́gábíìtì 50 fún ìṣẹ́jú àáyá kan máa jẹ́ gíìgì 22.5 láàárín wákàtí kan. Ìdána wákàtí 2 jẹ́ gíìgì 45 nìyẹn, kẹ́ ẹ tó fi kámẹ́rà kejì kún un. Ẹ má fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà kékeré, á wálẹ̀ sí nǹkan bíi gíìgì 1, aago rẹ̀ á sì bá ti fáìlì ńlá mu:

```
ffmpeg -i idana.mp4 -vf scale=-2:480 -b:v 1M -c:a aac -b:a 96k kekere.mp4
```

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń yan ègé ń ka owó lórí ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ì báà jẹ́ pé àga òfìfo ló wà níbẹ̀. Ní ti sísọ fídíò di òòró, ojú èèyàn kan ni ẹ̀rọ máa ń tẹ̀ lé, nítorí náà ìlà àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa kúrò nínú àwòrán.

Bí mo ṣe ń fi ọwọ́ sàmì

Ọ̀pọ̀ rò pé fífi ọwọ́ sàmì túmọ̀ sí kéèyàn tún jókòó wo wákàtí méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́ náà bá ti bẹ̀rẹ̀ lóde. Ọmọ iṣẹ́ mi máa ń mú ìwé kékeré dání. Ká ní ó wo aago fóònù rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “12:47, bàbá gbé ọwọ́ lé ìyàwó lórí.” Mo wo fáìlì `C0014.MP4`, mo rí i pé aago 12:31 ló bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 16 ló wà láàárín wọn. Nítorí pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kó tó kọ ọ́, mo sún sẹ́yìn sí ìṣẹ́jú 14, mo tẹ `L` kí fídíò máa lọ, mo tẹ `I` níbi tí bàbá ti dìde lórí àga, mo sì tẹ `O` lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti ṣe “Àmín”. Bí aago kámẹ́rà kò bá bá ti fóònù mu, gbogbo rẹ̀ á yẹ̀ bákan náà, nítorí náà a máa ń ya ojú aago fóònù sínú fídíò kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá dá nìkan ṣiṣẹ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo lẹ́ńsì díẹ̀ lẹ́yìn tí ohun tó dára bá ti kọjá. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ̀rọ á wá ibi tó dúdú fún yín:

```
ffmpeg -i idana.mp4 -vf blackdetect=d=0.5 -an -f null -
```

Á kọ `black_start` àti àkókò rẹ̀ jáde. Ẹ sún sẹ́yìn níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ń wá kò ní jìnnà. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì pátápátá. Bí oòrùn bá ń yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kámẹ́rà bá ń fúnra rẹ̀ wá ìmọ́lẹ̀, kò ní dúdú tó, ẹ̀rọ á sì fò ó. Ẹ sì bo lẹ́ńsì lẹ́yìn tí àdúrà bá parí, kì í ṣe láàárín rẹ̀.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Bó bá jẹ́ ìwàásù tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lédè Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń yan ègé, ẹ ò ní kábàámọ̀. Bó bá jẹ́ fídíò àtijọ́ tí wọ́n ti gé, PySceneDetect tó yín, kò gba kọ́bọ̀. Fún ìdána, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú àgbà, owó tẹ́ ẹ bá fẹ́ san fún ẹ̀rọ lóṣooṣù, ẹ fún ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́ ìlù, tó mọ oríkì, tó sì lè ka aago.

Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ dán ẹ̀rọ wò, ọ̀pọ̀ wọn máa ń fún èèyàn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má fi ibi tí alága ti ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 tó ní àdúrà, oríkì àti gángan nínú ránṣẹ́, kẹ́ ẹ wo iye ègé tẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ sún ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin rẹ̀. Ẹ sì béèrè kẹ́ ẹ tó san owó oṣù: bí ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ rà kò bá tán, ṣé ó máa wọ inú oṣù tó ń bọ̀?