Áàpù ímeèlì mi mọ lẹ́tà gbà, àmọ́ bí tèmi bá há sínú Outbox, kì í sọ ìdí rẹ̀

N ò ní dárúkọ áàpù yìí, torí òun nìkan kọ́ ló ń ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn ín níbi tó ti yẹ. Ó yára. Bí mo bá ń wá lẹ́tà tó ti pẹ́, kí n tó tẹ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ tán, ó ti gbé e jáde. Lẹ́tà tuntun ń wọlé lójú ẹsẹ̀, bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá sì já, àwọn tí mo ti ṣí tẹ́lẹ̀ ṣì ṣeé kà. Ká ní lẹ́tà gbígbà nìkan là ń fi ímeèlì ṣe ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni ǹ bá fún un. Lẹ́tà fífi ránṣẹ́ ló ba nǹkan jẹ́.

Mo so fáìlì PDF kan mọ́ lẹ́tà. Ìwé tí wọ́n fi fóònù yà lójú ewé kọ̀ọ̀kan ni, ó sì tó 19.6 MB. Mo tẹ `Send`, lẹ́tà náà bọ́ sínú `Outbox`, áàpù kọ `Sending…` sí i lára, ó bá jókòó síbẹ̀. Kò sọ pé òun kùnà, kò sì lọ. Àwọn lẹ́tà kéékèèké tí mo kọ tẹ̀ lé e náà tò sẹ́yìn rẹ̀, torí áàpù yìí kì í gbé èyí tó wà lẹ́yìn bí ti iwájú kò bá tíì kúrò.

Ohun tó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà ni pé lẹ́tà ṣì ń wọlé. Wọ́n á ní páásíwọ́ọ̀dù dáa, ètò sáfà dáa, àbí báwo ni lẹ́tà ṣe ń wọlé? Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni sáfà tó ń kó lẹ́tà wá, ìyẹn IMAP, ọ̀tọ̀ ni èyí tó ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ wa láti fi ránṣẹ́, ìyẹn SMTP. Kálukú ló ní àdírẹ́sì àti pọ́ọ̀tù tirẹ̀, nínú áàpù yìí sì rèé, kálukú ló ní páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n tọ́jú fún un lọ́tọ̀. Gbígbà tí ẹ̀ ń gba lẹ́tà kò lè jẹ́rìí sí i pé ẹ máa lè fi ránṣẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò kankan, ẹ kọ́kọ́ yọ lẹ́tà náà nínú ewu. Orí fóònù nìkan ni ohun tó wà nínú `Outbox` áàpù yìí wà, kò tíì dé sáfà rárá. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn àwọn tó máa ń ní "yọ áàpù kúrò, kí o tún un gbé wọlé", lẹ́tà rẹ̀ á bá a lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tan `Airplane mode`. Áàpù jáwọ́ nínú akitiyan rẹ̀, ó jẹ́ kí n ṣí lẹ́tà náà. Mo da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ sínú `Drafts`, mo sì pa ti inú `Outbox` rẹ́. Ó di dandan kí èyí ńlá yẹn kúrò níwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdánwò tó kàn kò ní fi nǹkan kan hàn.

Ìdánwò náà kò le: mo kọ ìlà kan ṣoṣo sí àdírẹ́sì ara mi, láìso fáìlì kankan mọ́ ọn. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá lọ, ìwọ̀n fáìlì ló fa ti àkọ́kọ́. Òun náà há. A jẹ́ pé bó ti wù kí fáìlì yẹn wúwo tó, nǹkan mìíràn ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Áàpù náà ní àkọsílẹ̀ ohun tí òun àti sáfà jọ ń bára wọn sọ, àmọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá nínú `Settings` ni wọ́n fi pa mọ́ sí, bí ẹni pé ohun ìtìjú ni. Ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

```
250-SIZE 26214400
250 AUTH PLAIN LOGIN
535 5.7.8 Authentication failed
```

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ń sọ pé sáfà kò gba orúkọ tàbí páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fún un. Nígbà tí mo pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù àpótí ímeèlì mi, áàpù béèrè èyí tuntun lọ́wọ́ mi, mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Lọ́dọ̀ IMAP nìkan ló fi sí. Ti àtijọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ SMTP, àwọn àmì róbótó ni wọ́n sì fi bò ó, kò sẹ́ni tó lè wò ó kó mọ̀ pé ó ti gbó. Mo pa á rẹ́, mo tẹ tuntun. Ẹni tó bá ń lo ìfìdímúlẹ̀ alápá méjì ní láti ṣọ́ra níbí: ní Google, fún àpẹẹrẹ, páásíwọ́ọ̀dù àkànṣe oní-lẹ́tà 16 tí wọ́n ń ṣe fún áàpù kan máa ń kú bí ẹ bá ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù àkáǹtì fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti ṣe òmíràn.

Ti ètò sáfà kò mú mi pẹ́, torí kíkàn tí mo kan ìlà 250 fi hàn pé áàpù ti bá sáfà sọ̀rọ̀. Bí tiyín kò bá débẹ̀ rárá, ẹ yẹ pọ́ọ̀tù wò pẹ̀lú irú ààbò tí ẹ yàn fún un: `587` ni ti `STARTTLS`, `465` ni ti `SSL/TLS`. Ẹni tó bá yan `STARTTLS` sórí `465`, áàpù á máa retí kí sáfà kí òun, sáfà á máa retí kí áàpù bẹ̀rẹ̀ ààbò, wọ́n á wá dà bí àna méjì tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ fọhùn, títí àsìkò á fi tán.

Lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, lẹ́tà ìdánwò lọ wàrà. Mo dá fáìlì PDF padà, ó tún há! Àkọsílẹ̀ ti yí padà ṣá:

```
552 5.3.4 Message size exceeds fixed limit
```

Kí nìdí, nígbà tó jẹ́ pé 26214400 báìtì, ìyẹn 25 MB, ni sáfà sọ nínú ìlà `SIZE` pé òun ń gbà, tí fáìlì mi kò sì tó 20? Ímeèlì kì í gbé fáìlì bó ṣe wà. Base64 ni wọ́n máa ń sọ ọ́ dà, tí báìtì mẹ́ta-mẹ́ta á di àmì mẹ́rin-mẹ́rin, tí wọ́n á tún fi àmì ìparí ìlà kún un. Fáìlì á fi nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún wú sí i. 19.6 MB wá di nǹkan bíi mílíọ̀nù 26.8 báìtì, ó sì ti ju 26214400 lọ. Lọ́dọ̀ sáfà 25 MB, mi ò jẹ́ so ohun tó bá ju 18 MB mọ́ lẹ́tà mọ́.

Ẹ padà wo àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Sáfà ti sọ ìwọ̀n tí òun lè gbà kó tó béèrè páásíwọ́ọ̀dù pàápàá. Áàpù gbọ́, kò kà á sí. Ìwọ̀n fáìlì tí kò tíì wú ló ń fi hàn mí lójú ìwé, ó ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n ń kọ̀ ọ́, ó sì tún ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ láìsọ fún mi. Dátà mi ló ń ná. Èyí dùn mí ju ti páásíwọ́ọ̀dù lọ.

Mo ní kí wọ́n tún ìwé náà yà ní dúdú àti funfun, ó wálẹ̀ sí 6 MB, ó sì lọ. Fífi fáìlì sínú zip kì í sábà ran irú èyí lọ́wọ́, torí wọ́n ti fún fọ́tò inú rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀. Fídíò tí kò ṣeé dín kù, ìkànnì ìpamọ́ ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ fi líǹkì ránṣẹ́.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún un. Bí wọ́n bá lè gbé ìlà 535 àti 552 yẹn síbi tí `Sending…` wà, tí wọ́n sì ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù SMTP nígbà tí ti IMAP bá yí padà, màá fi ọ̀kan kún un. Ìkarùn-ún di ọjọ́ tó bá jẹ́ kí lẹ́tà kékeré kọjá lára èyí tó há.