Proton lórí Linux: ohun tó ń fa géèmù Windows sẹ́yìn, àti bí a ṣe ń tún un ṣe

Ọdún 2018 ni Valve fi Proton sínú Steam, kí géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows lè ṣiṣẹ́ lórí Linux. Orí Wine, ètò tó ń jẹ́ kí ohun èlò Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, ni wọ́n kọ́ ọ lé. DXVK ló ń sọ àṣẹ àwòrán Direct3D 11 ti Windows àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ di ti Vulkan, èyí tí Linux lóye. VKD3D-Proton ló ń bójú tó Direct3D 12. Lójú tèmi, géèmù Direct3D 11 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣe lórí Windows. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń kà sí Proton lọ́rùn, ètò kọ̀ǹpútà ló fà á.

Ẹ wo ẹni tí Windows àti Linux jọ wà lórí ẹ̀rọ rẹ̀, tó wá fẹ́ kí méjèèjì máa lo géèmù kan náà lórí dísìkì NTFS, irú èyí tí Windows ń lò. Yóò tẹ Play, bọ́tìnì á di Stop, kò ní pẹ́ á tún padà di Play, kò sì ní sí àlàyé kankan. Inú fódà `compatdata` ni Proton ń tọ́jú ohun tí géèmù kọ̀ọ̀kan nílò, ó sì ń dá orúkọ bíi `c:` síbẹ̀. Windows kì í gba àmì `:` nínú orúkọ fáìlì. Ibi tó ti ń dojú rú nìyẹn. Ibi tó dára jù fún géèmù ni dísìkì ext4 ti Linux. Bí àyè kò bá sí, ẹ ti Steam pa, ẹ kó `compatdata` kúrò lórí NTFS (ẹ má sáré pa á rẹ́, ibi tí ẹ bá géèmù dé lè wà nínú rẹ̀), kí ẹ wá so ó mọ́ ti Linux:

```
mkdir -p ~/.steam/steam/steamapps/compatdata
ln -s ~/.steam/steam/steamapps/compatdata /mnt/geemu/SteamLibrary/steamapps/
```

Ẹ fi ojú ọ̀nà dísìkì tiyín rọ́pò `/mnt/geemu`.

Ìdádúró ráńpẹ́ tún wà, tí àwòrán á dúró gbagidi kó tó máa lọ. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí iná tàbí ọ̀tá tuntun yọ nìkan ló ń ṣẹlẹ̀, ṣédà, ìyẹn ètò kékeré tí káàdì àwòrán fi ń ya ohun tí ẹ ń rí, ni ẹ̀rọ ń pèsè lọ́wọ́. Ẹ tan Shader Pre-caching nínú ètò Steam, kí ẹ sì jẹ́ kó parí kí géèmù tó ṣí. Bó bá ń dúró níbì kan náà nígbà gbogbo, ẹ má wulẹ̀ fi ọwọ́ kan ṣédà. Ẹ dín ìwọ̀n Texture kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mẹ́mórì káàdì ló kún.

Lórí láàpútọ́ọ̀pù, ètò tó ń ṣọ́ bátìrì lò lè má jẹ́ kí ẹ̀rọ sá gbogbo eré tó lè sá. Ẹ fi GameMode, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ sá dáadáa, àti MangoHud, tó ń fi bí géèmù ṣe ń sáré hàn, sórí ẹ̀rọ, kí ẹ kọ èyí sínú Launch Options géèmù náà nínú Steam:

```
gamemoderun mangohud %command%
```

Nígbà tí géèmù bá ń lọ, `gamemoded -s` gbọ́dọ̀ sọ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìlà tí MangoHud ń fà, tó ń fi àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ń gbà hàn, ni kí ẹ máa wò ju nọ́mbà FPS lọ: bí ìlà yẹn bá ń ta sókè lójijì, ojú yóò rí ìdádúró náà, ì báà jẹ́ pé nọ́mbà ga.

Ètò kankan kò lè mú Valorant ṣiṣẹ́, torí ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ oníjìbìtì níbẹ̀ kò gba Linux. Direct3D 12 lórí káàdì NVIDIA náà ṣì máa ń rẹ̀yìn sí Windows. Bí géèmù mìíràn bá kọ̀ láti ṣí, ẹ kọ `PROTON_LOG=1 %command%` sínú Launch Options rẹ̀. Fáìlì `steam-` pẹ̀lú nọ́mbà géèmù náà á jáde nínú fódà ilé yín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.