Ó ní òun ti so, orin ò dún: àgbéyẹ̀wò héédìfóònù Búlútúùtù olówó pọ́ọ́kú kan

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Ohùn rẹ̀ dára ju owó tí wọ́n ń tà á lọ, kì í fún èèyàn létí, ó sì lè so mọ́ fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó gba ìràwọ̀ méjì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ó lè so mọ́ fóònù Android, kí fóònù kọ Connected gàdàgbà sábẹ́ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ orin, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ìwé kékeré inú páálí rẹ̀ ò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín, ẹ ka èyí ná.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí ohùn tó máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tàn án. Ohùn yẹn kì í ti orí fóònù wá, inú héédìfóònù fúnra rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ ketekete létí méjèèjì, a jẹ́ pé sípíkà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wáyà inú rẹ̀ ò sì já. Ibi tí orin ti ń bọ̀ ló kù ká yẹ̀ wò.

Ọ̀nà méjì ló wà láàárín fóònù àti héédìfóònù. Ọ̀kan wà fún ìpè, òun ni HFP. Èkejì wà fún orin, òun ni A2DP. Ọ̀kan lè ṣí kí èkejì wà ní títì, Connected á sì máa hàn bákan náà. Àwọn fóònù kan máa ń kọ Connected (no media), àmọ́ lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé ojú máa ń fò ó. Ẹ pe ẹnì kan. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ọ nínú héédìfóònù, tí orin ò sì dún níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà orin ló tì.

Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Connected devices, kẹ́ ẹ tẹ àmì tó dà bí eyín ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ héédìfóònù. Ẹ máa rí Media audio níbẹ̀. Àwọn fóònù míì kàn ń pè é ní Audio. Tó bá wà ní pípa, ẹ tàn án. Tó bá ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀, ẹ pa á, ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tàn: ọ̀nà orin nìkan nìyẹn máa tì, táá sì tún ṣí. Forget ni ẹ óò tẹ̀ tó bá ṣì kọ̀, kẹ́ ẹ wá so ó pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Tí Media audio bá wà ní títàn tí kò sì sí ohùn, ẹ wo aago orin lójú fóònù. Tó bá ń ka 0:41, 0:42 lọ, tí sípíkà fóònù náà sì dákẹ́, fóònù ń fi orin ránṣẹ́. Héédìfóònù ni kò gbé e jáde. Láàpútọ́ọ̀pù ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ká ní ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣì wà ní ṣíṣí lórí ẹ̀, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ti di héédìfóònù mú. Ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni héédìfóònù yìí lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í já ìpè sílẹ̀ nítorí orin. Ẹ pa Búlútúùtù láàpútọ́ọ̀pù. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lójijì, ẹ ti mú olè náà. (Ohun tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀!)

Tí kì í bá ṣe láàpútọ́ọ̀pù, ó kan ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ohùn. Ohùn ìpè yàtọ̀ sí ohùn orin, nítorí náà, àárín ìgbà tí orin ń lọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sókè. Bí ó bá wà lókè pátápátá tí orin ò ju bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ, fóònù àti héédìfóònù ò gbọ́ra wọn yé lórí ìwọ̀n ohùn. Ẹ tẹ Build number nínú About phone lẹ́ẹ̀méje kí Developer options lè jáde, ẹ tan Disable absolute volume níbẹ̀, kẹ́ ẹ já héédìfóònù kúrò, kẹ́ ẹ sì tún un so. Láti ìgbà náà lọ, bọ́tìnnì fóònù àti ti héédìfóònù á máa dá ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí náà ẹ dín ti fóònù kù kẹ́ ẹ tó gbé e sétí.