Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin onímọ́tò Ifẹ̀ àti Iléṣà: bí tiráfíkétọ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá ń sáré ṣẹ́jú, ẹ má tíì ra fúláṣà

Mo ń kọ ìkìlọ̀ yìí nítorí owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní Ilé-Ifẹ̀ lórí fúláṣà, ìyẹn ohun tó ń mú kí tiráfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú, tí tèmi kò sì bàjẹ́ rárá, ọ̀nà tí wọ́n sì fi gbà á rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dá mi lójú pé kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Bí tiráfíkétọ̀ ọkọ̀ yín bá ń ṣẹ́jú ní ìlọ́po méjì bó ṣe máa ń ṣẹ́jú, tó sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, gílóòbù ẹ̀gbẹ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọ̀kan nínú wọn ti jó.

Láàárín Máyífíà sí Lágéré ni mo ti ṣàkíyèsí tèmi. Mo tẹ tiráfíkétọ̀ òsì, ìró kọ̀-kọ̀ tó máa ń rọra dún lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Nígbà tí mo tẹ ti ọ̀tún, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bó ṣe yẹ. Mo délé, mo fi aago fóònù kà á: òsì ṣẹ́jú ní ìgbà 168 láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀tún sì ṣẹ́jú ní ìgbà 84. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tó sì tún ń ṣe iṣẹ́ rìwáyà níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Kò tíì ṣí nǹkan kan tó fi sọ pé, "Mọ́mì, fúláṣà yín ti kú. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á jó gbogbo wáyà ọkọ̀ yìí." Ó mú fúláṣà tòkúnbọ̀ kan jáde, ó ní 18,000 náírà ni.

Ó yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ó fi èyí tó tà fún mi sí i, ó wá ní òun fẹ́ yẹ wáyà ẹ̀yìn wò. Ó ṣí búùtù, ó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi padà wá tan tiráfíkétọ̀, òsì sì ti ń ṣẹ́jú bó ṣe yẹ. Mo sanwó, mo dúpẹ́. Mo ní kó fún mi ní fúláṣà tó yọ, inú rẹ̀ kò dùn sí i, ó ní kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ó fún mi, mo sì jù ú sínú àpótí kékeré tó wà níwájú ọkọ̀.

Oṣù kejì rẹ̀ ni ìró yẹn tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà ní Iléṣà, ó wá jẹ́ apá ọ̀tún lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá rìwáyà tí wọ́n júwe fún mi kò fọwọ́ kan fúláṣà. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìyá, ṣé apá kan ni àbí apá méjèèjì?" Mo ní apá kan. Ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì pupa onígun mẹ́ta tó máa ń tan tiráfíkétọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, a sì jọ yí ọkọ̀ náà po. Mẹ́ta ló ń tàn, ti ẹ̀yìn lọ́tùn-ún dúdú. Ó ṣí búùtù, ó yí sọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, ó tẹ gílóòbù wọlé díẹ̀ kó tó yí i, ó sì gbé e sínú oòrùn kí n lè rí i. Inú gíláàsì rẹ̀ ti dúdú bí ìgò fìtílà tí èéfín bò, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ sì ti já sí méjì.

Nígbà tó yọ ti ẹ̀yìn lósì láti fi wé e, gílóòbù tuntun ló bá níbẹ̀, orúkọ ara rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti mẹ́ta yòókù. Ìgbà yẹn ni ohun tí ọkùnrin Ifẹ̀ ń ṣe nínú búùtù mi yé mi. Gílóòbù tó fi sí i níkọ̀kọ̀ ló wo ọkọ̀ náà sàn, fúláṣà ló sì gbowó lé lórí. Bàbá náà fi gílóòbù tuntun rọ́pò èyí tó jó, mo mú fúláṣà àtijọ́ jáde, ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ní apá méjèèjì láìyára. Gbogbo owó gílóòbù àti iṣẹ́ tí mo san fún un kò tó 2,000 náírà.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rèé. Fúláṣà kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún òsì àti ọ̀tún, nítorí náà bí ọ̀tún bá ń lọ dáadáa, fúláṣà kò kú. Nínú ọkọ̀ bíi tèmi, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní gílóòbù ńlá méjì, iwájú kan, ẹ̀yìn kan, tí wọ́n tẹ 12V 21W sí ìdí wọn, àti kékeré oníwáàtì 5 kan létí táyà iwájú. Àpapọ̀ wọn jẹ́ wáàtì 47, iná tí wọ́n ń fà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpíà 4. Bí ńlá kan bá jó, wáàtì 26 ló kù, iná tó ń gba inú fúláṣà kọjá á wá lé díẹ̀ ní áńpíà 2. Àwọn tó ṣe fúláṣà náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa yára nígbà tí iná bá dín tó bẹ́ẹ̀ ni, kí awakọ̀ tí kò lè rí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ lè mọ̀. Fúláṣà tó ń sáré ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an ni. Bí ti kékeré yẹn bá jó, iná tó dín kì í sábà tó láti mú un yára.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ yọ gílóòbù ẹ̀yìn ẹ̀gbẹ́ tó ń sáré, kí ẹ fi pààrọ̀ ti ẹ̀yìn ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí sísáré náà bá tẹ̀lé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, gílóòbù ló bàjẹ́. Bó bá dúró síbi tó wà, tí gílóòbù tó dára kò sì tàn níbẹ̀, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti dógùn-ún, tàbí kí wáyà ti já. Bí iná ẹ̀yìn bá ń tàn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti iwájú. Bó bá jẹ́ apá méjèèjì ló ń sáré, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ẹ wò ó bóyá wọ́n ti fi gílóòbù ẹ́lìídì sí i, nítorí iná tí ìyẹn ń fà kéré púpọ̀, kò sì sí èyí tó jó nínú wọn. Àwọn ọkọ̀ kan tí kò pẹ́ tí wọ́n ṣe kò tilẹ̀ ní fúláṣà tí a lè yọ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ náà.

Bí ẹ bá lọ ra gílóòbù, ẹ mú èyí tó jó dání. Ayédèrú kan wà tí wọ́n kọ 21W sí tí kò gbé tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ lè máa bá sísáré rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá fi sí i, ibẹ̀ sì ni wọ́n á ti padà sórí ọ̀rọ̀ fúláṣà. Ẹ tàn án ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wé ti ẹ̀gbẹ́ kejì, bó bá ṣókùnkùn jù ú lọ, ẹ dá a padà.

Ẹni tó bá ti ra fúláṣà lọ́nà yìí, tí èyí tí wọ́n yọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó dá a padà sínú ọkọ̀, kó sì wo gílóòbù ẹ̀yìn bóyá ọ̀kan jẹ́ tuntun láàárín àwọn tó ti gbó. Èmi gbé tòkúnbọ̀ yẹn padà lọ bá ọkùnrin náà, ó ní ọjà tí òun ti tà kì í padà.